Mítà Mẹ́rin sí Ìlà Títì

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo máa ń sọ fún un pé àwòrán ilẹ̀ ni mò ń yà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń parí síbẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò kì í fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn ẹlòmíì ló ń rìn nínú oòrùn, àwọn ló ń gbé fóònù lọ sí ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pé ibí ni. Èmi jókòó sí àdúgbò Lotto ní Mowe, nínú yàrá kan lókè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn, mo ń gba ohun tí wọ́n mú bọ̀, mo sì ń tò ó. Fáànù wà lórí mi, omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń fọn fèrè mọ́ mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ kan bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àwọn kan fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń gbá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ jù ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifọ̀. Tí a bá ti rí i, wọ́n á tún ibẹ̀ ṣe: níbi tí títì bá ti gba bọ́m̀pù, wọ́n á ṣe bọ́m̀pù, wọ́n á kun ìlà funfun sójú ibi ìsọdá, níbi tí kò bá ti gbà á, wọ́n á ri irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí àwọn èèyàn má baà máa já wọ ojú ọ̀nà níbi tó bá wù wọ́n. Ìlú kọ̀ọ̀kan, ibi kan ṣoṣo. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn fún wa bẹ́ẹ̀. Ibi tí pọ́ìntì, ìyẹn àmì ibi tí ọkọ̀ ti gbá èèyàn, bá ti pọ̀ jù lórí ìlà títì ni yóò jẹ ẹ́.

Ìwé tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá kò wúlò fún wa. Ní ti Ifọ̀, "Lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀nà Abẹ́òkúta kò ju ẹnu ọ̀nà ilé ẹnì kan lọ. Nítorí náà, ọ̀gá mi gba àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà, ó fún wọn ní fóònù, ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó mọ̀: àwọn ọlọ́jà, àwọn ẹlẹ́rọ, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ẹbí olóògbé. Kí wọ́n ní kí onítọ̀hún fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n gba pọ́ìntì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo máa ń ṣe sí pọ́ìntì náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi wà. Fóònù kì í mọ ibi tí èèyàn dúró sí dáadáa. Ó lè fi mítà mẹ́ta ṣì í, ó lè fi mẹ́wàá ṣì í bí ilé gíga bá wà nítòsí. Bí a bá wá gbé pọ́ìntì lé àwòrán ilẹ̀, òmíràn á bọ́ sórí òrùlé, òmíràn á bọ́ sínú gọ́tà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ tó ń gbá èèyàn lórí òrùlé. Nítorí náà, a máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó wá ìlà títì tó súnmọ́ pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan jù, kó fa pọ́ìntì náà lọ lẹ̀ mọ́ ìlà yẹn, kó sì kọ iye mítà tó fi fà á sílẹ̀. Iye mítà yẹn la ń pè ní àlàfo. Àlàfo tó kéré fi hàn pé fóònù àti àwòrán bára wọn mu. Tó bá pọ̀, a máa ń fura. Tó bá ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, a máa fi ojú ara wa wò ó. Tó bá ju ọgbọ̀n lọ, a máa ń sọ ọ́ nù.

Èmi ni mo ya ìlà àwọn títì náà láti orí àwòrán sátẹ́láìtì, ìlà kan láàárín títì kọ̀ọ̀kan, àyàfi ọ̀nà márosẹ̀ tó kọjá ní Mowe àti Ibafo, tí mo ya ìlà méjì fún, ọ̀kan fún àwọn tó ń lọ, ọ̀kan fún àwọn tó ń bọ̀. Mo ya gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀nà pẹ̀lú. Kò sí òpópó kékeré kan ní Ifọ̀ tí mi ò yà, títí dé èyí tí kẹ̀kẹ́ kò lè gbà pàdé kẹ̀kẹ́. Inú mi dùn sí i. Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó, mo ń fẹ̀ níwájú wọn bí adìyẹ tó pa ọmọ mẹ́wàá.

Ifọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lẹ́bàá títì ńlá ló ti ń kọ́ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwé náà. Mọ́ṣáláṣí wà ní òdìkejì títì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkùnrin náà kírun Alásàrí tán, ó ń sọdá bọ̀ wá síbi iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kan tó ń sá fún ọkọ̀ míì sì gbá a níwájú ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Kò dé ilé ìwòsàn. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fìdáù rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, tí ilé ìwé parí, ó mú igi kan, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ lè sọdá. Kò sẹ́ni tó rán an. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é láti ìgbà náà. Àwọn awakọ̀ ń bú u, àwọn kan ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìdúró, òun náà á sì fi igi na ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Àyà mi máa ń já ní gbogbo ọ̀sán tí aago méjì bá ti lù, torí mo mọ ibi tó wà.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí dé, òun ni mo kọ́kọ́ pè.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ o. Wọ́n fẹ́ ṣe bọ́m̀pù sí ibì kan ní Ifọ̀. Àwọn kan máa wá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni. Tí wọ́n bá ti dé, ẹ ṣáà fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ ní kí àwọn tó kù náà fi hàn wọ́n."

Ó ní, "Tí wọ́n bá ṣe bọ́m̀pù yẹn, màá ju igi yìí nù. Apá ń ro mí." Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo ṣèlérí fún un. Mi ò sọ pé "bóyá". Mo ní, "Wọ́n á ṣe é, Àǹtí. Tiyín ló máa pọ̀ jù." Mo mọ iye èèyàn tó ti ṣubú síbẹ̀. Gbogbo Ifọ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ, wọ́n sì bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin tó wá bá òun mọ̀wà hù, ó kúnlẹ̀ kí òun, ó bá òun dárò, kò fi ìbéèrè yọ òun lẹ́nu. Mo ní ẹ ṣeun, Àǹtí. Ohun tó kù di tèmi.

Tábìlì náà dé sórí kọ̀ǹpútà mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo yí i kúrò ní dígírì tí fóònù fi ń kọ ibi sílẹ̀ sí mítà, torí pé ẹni tó bá fi dígírì wọn àlàfo ń fi igbá wọn aṣọ ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pọ́ìntì kan já sínú òkun. Gbogbo rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Tábìlì náà fẹ̀ jù fún ojú kọ̀ǹpútà mi, apá kan rẹ̀ tí wọ́n ń kọ àlàyé sí ló sì gba àyè jù, nítorí náà mo fi apá yẹn pamọ́. Kò ju kí n tẹ ibì kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà ni mo fa gbogbo pọ́ìntì mọ́ ìlà.

Ní Mowe àti Ibafo, àlàfo àwọn kan pọ̀ ju ọgbọ̀n mítà lọ. Mo sọ wọ́n nù gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa ṣe wí. Ní Ifọ̀, kò sí èyí tó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni mítà mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ọ̀gá mi jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn mi.

"Average ẹ̀ ń kọ́?"

"Mítà márùn-ún àti díẹ̀, sà. Ti Ifọ̀ tiẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ."

"Márùn-ún! Ah, data yìí clean gan-an o. Àwọn ọmọ yẹn ṣiṣẹ́." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Parí ẹ̀, ká fi ránṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn iṣẹ́ náà pé bí àlàfo ṣe kéré tó yìí fi hàn pé àwọn pọ́ìntì náà ṣeé gbọ́kàn lé. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹlòmíì tí mo lè dì í rù.

Mo rí pọ́ìntì ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú tábìlì yẹn. Wọn kì í kọ orúkọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí oṣù àti ọdún tó ṣẹlẹ̀, mo rí i pé olùkọ́ ló sọ̀rọ̀, pé ọkùnrin káfíńtà ni ẹni tó kú. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin. Ìlànà kò ní kí n wo èyí tó jẹ́ mẹ́rin. Ó kù díẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́ kó lè fi ibẹ̀ hàn mí lórí àwòrán, ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí ọkùnrin tó máa ń bá mi ṣe àwàdà, tó kan ibùsùn tí mò ń sùn lé títí dòní, gẹ́gẹ́ bí àmì pupa kékeré lórí títì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún ara mi pé mẹ́rin dára.

Wọ́n gba ìròyìn náà wọlé. Oṣù mélòó kan kọjá. Lọ́jọ́ kan ní òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Wọ́n ti dé o! Mo rí yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀dà títì pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́."

"Ẹ kú oríire, Àǹtí!"

"Ṣùgbọ́n iwájú ilé epo ni wọ́n wà, lọ́hùn-ún níbi tí kò sí ilé. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó máa bọ̀ wá síbí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wádìí. Iwájú ilé epo yẹn, àwọn kan ti kú níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní sọ pé wọn ò kú, ṣùgbọ́n wọn ò tó ìdajì àwọn tó kú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Mo ṣí iṣẹ́ náà. Mo wo ìlà títì ńlá níwájú ilé ìwé. Pọ́ìntì méjì péré ló wà lórí rẹ̀.

Mo wá tẹ ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwòrán náà ṣí. Pọ́ìntì tí wọ́n gbà wà lórí fàráńdà ilé télọ̀ tó wà ní igun, níbi tí òpópó kékeré kan ti yà kúrò lára títì ńlá. Láti ibẹ̀ sí ìlà títì ńlá, mo wọ̀n ọ́n, mítà mẹ́rìnlélógún ni. Sí ìlà òpópó náà, mítà mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ó wá ìlà tó súnmọ́ ọn jù, ó fà á síbẹ̀. Ó gbé ọkùnrin náà kúrò níwájú ilé ìwé, ó lọ pa á sínú òpópó tí ewúrẹ́ ń sùn sí láàárín ọ̀nà.

Kì í ṣe òun nìkan. Òpópó yẹn kún fún òkú. Lórí fàráńdà télọ̀ ni wọ́n wà, lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí i ni wọ́n wà, lẹ́nu ọ̀nà ilé àfàá, gbogbo wọn pẹ̀lú àlàfo mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ohun tí mo kọ sínú ìròyìn pé ó fi hàn pé iṣẹ́ náà mọ́ gan-an ni ohun tó yẹ kó fi hàn mí pé kò mọ́. Bí àlàfo wọn bá jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ǹ bá ti wò wọ́n.

Mo mú apá tábìlì tí mo fi pamọ́ jáde. Àlàyé wà níwájú ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin yẹn kọ ọ́ pé: "Ìyàwó olóògbé. Wọn ò lè dé ojú ibẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí títì ńlá, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé." Mo ka ti èyí tó tẹ̀ lé e: "Bàbá náà ní àwọn ò ní tẹ ibẹ̀. Wọ́n fọwọ́ júwe rẹ̀." Òmíràn: "Ó dúró lábẹ́ máńgòrò, ó ní ọ̀hún ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Mo pe ọmọbìnrin náà. Mi ò mọ bí ohùn mi ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ma, wọn kì í fẹ́ dúró síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀. Ẹ náà mọ̀. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń yípo tó bá fẹ́ kọjá. Tí mo bá ní kí màmá yẹn jẹ́ ká jọ lọ síbi tí ọkọ wọn kú sí, ṣé kò ní dà bí ìwọ̀sí?"

"Ìwọ náà kò lè lọ dúró síbẹ̀?"

"Èmi nìkan, ma? Ẹ má bínú. Wọ́n ní ká gba pọ́ìntì níbi tí ẹni tó fi hàn wá bá dúró sí. Mo rò pé ẹ máa ka ohun tí mo kọ."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé rẹ̀ ni. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n kọ́ nílé. Kò sí èyí tó jẹ́ sọ fún opó pé kó wá tẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ní Mowe àti Ibafo náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn tó dúró sábẹ́ agboòrùn wọn lókèèrè tí wọ́n ń júwe ọ̀nà márosẹ̀, àwọn yẹn ni mo sọ nù pé àlàfo wọn pọ̀ jù.

Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ. Mo fi hàn án. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ó dùn mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti approve ẹ̀. Wọ́n ti da ọ̀dà sílẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n lọ sọ fún wọn, pé a ò mọ iṣẹ́ wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyẹn náà ni kí ẹ sọ."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, pé iṣẹ́ tó ń bọ̀ a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é. Mo bú sí ẹ̀rín níwájú rẹ̀, ẹ̀rín burúkú. Èmi kọ́ ni mo jìn sí kòtò. A wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, èmi àti òun, à ń fi ẹni tó wà nínú kòtò kọ́ ọgbọ́n.

Èmi fúnra mi kọ lẹ́tà sí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa. Mo fi àwòrán sí i, mo fi àlàyé gbogbo sí i. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta: ẹ ṣeun, àkókò gbígba pọ́ìntì ti kọjá, a ó fi ọ̀rọ̀ yín sọ́kàn.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Mowe, mo gba Ọ̀fàdà lọ sí Papalanto, mo ti ibẹ̀ wọ Ifọ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, tí mo sì ń tú u ká. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò sì dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Mo sọ ti ìlà, mo sọ ti àlàfo, mo sọ ti fàráńdà télọ̀, mo sọ pé mo rí pọ́ìntì ọkọ rẹ̀ tí mi ò sì tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní kí n fi hàn án. Mo ṣí láàpútọ́ọ̀pù mi. Ó wo òpópó kékeré náà, ó wo àmì pupa tó wà lórí rẹ̀.

"Ibí yìí lẹ gbé ọkọ mi sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Torí pé mo dúró sórí fàráńdà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dìde. Ó wé gèlè, ó mú bàtà rẹ̀. Ó ní, "Gbé fóònù ẹ." Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ti parí, wọn ò ní gbà á mọ́. Ó ti jáde. Mo tẹ̀ lé e.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀, torí Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ sójú títì, ó sì dúró. Gbogbo ìgbà tó fi ń dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọ, mi ò tíì mọ̀ pé ó máa ń yẹ ibì kan sílẹ̀, pé apá òsì ibẹ̀ ló máa ń gbà. Lọ́jọ́ náà, orí ibẹ̀ gan-an ló dúró sí. Ojú rẹ̀ le.

"Wá gbà á," ó ní.

Mo lọ dúró tì í. Fóònù náà ń wá ibi tí a wà. Ó ní òun lè fi mítà méjìlá ṣì í, ó ní mẹ́sàn-án, ó ní méje. Ẹni tó bá fẹ́ kó péye gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ọkọ̀ ń yà fún wa, wọ́n ń fọn fèrè, ẹnì kan yọ orí láti ojú fèrèsé ó ń pè wá ní wèrè. Ó di mítà mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́. A sá kúrò lójú títì.

"Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, Àǹtí."

"Báwo ló ṣe jìnnà sí ìlà?"

Mo wọ̀n ọ́n níbẹ̀, lórí òkúta tí mo jókòó lé. "Mítà kan àti díẹ̀."

"Ìlà wo?"

"Títì ńlá."

Ó mi orí. Ó ń wo ibi tó ti dúró, ọkọ̀ ti ń kọjá lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú sí ọmọbìnrin yẹn, pé ọmọ náà kọ ohun tó rí, pé ìtìjú àti ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kó tẹ ibẹ̀.

"Mi ò bínú sí i," ó ní. "Èmi náà ò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà wá, àtèmi àti télọ̀, àti àfàá. Ojú wa ló ṣẹlẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ tó o wà ní Mowe lórí àga, o rí i pé tiẹ̀ ni, kò ju kó o tẹ ibì kan lórí ẹ̀rọ lọ kó o lè mọ ibi tó wà. Kí ló bà ẹ́ lẹ́rù?"

Mo ti ro èsì púpọ̀ láti ìgbà náà, kò sí èyí tí mo lè gbé lọ sí Ifọ̀.

Bọ́m̀pù wà níwájú ilé epo, wọ́n kùn ún ní funfun àti dúdú, ó dára lójú. Àwọn ọkọ̀ máa ń rọra kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á wá ki eré mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè rí àkókò tí wọ́n fi rọra gbà padà. Eré yẹn ni wọ́n máa ń bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti le ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ó ní òun ti pààrọ̀ igi náà sí èyí tó gùn sí i.